Wúrà ò san èlé, kò bímọ: kí ló wá ń gbé owó ẹ̀ lọ sókè báyìí?

Láti ọdún 2024 lọ̀rọ̀ wúrà ti gba ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n á ní ó ti wọ́n sí i, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n á tún ní ó já wálẹ̀, ẹlòmíì á ní kí gbogbo ayé kó owó wọn kúrò ní báńkì kí wọ́n lọ fi ra wúrà, ẹlòmíì á ní irin lásán ni. Ìbéèrè tí mo rí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti àwọn tó ń bi ara wọn pé, "Tí mo bá ra wúrà, èló ló máa ń san fún mi lóṣù?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ eléyìí, torí ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ẹ̀ dáadáa ti mọ ìdajì ohun tó ń gbé owó wúrà sókè sódò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọ́ńsì ni wọ́n fi ń díwọ̀n wúrà lọ́jà àgbáyé, ọ́ńsì kan sì fi díẹ̀ ju gíráàmù 31 lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń pe owó ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2015, ọ́ńsì kan ò ju bíi 1,050 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ó ti kọjá 2,000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ó kọjá 3,000, kò sì tíì pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, tó fi kọjá 4,000. Inú oṣù Kẹwàá yẹn náà ló ti já ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á rò pé nǹkan tí wọ́n ń pè ní ibi ìsádi owó kì í já báyẹn.

Kí ló dé tí wúrà ò fi ń san nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn nǹkan tó máa ń sanwó. Tí èèyàn bá ní ṣíà nínú ilé-iṣẹ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ọjà, wọ́n ń tà á, wọ́n ń jèrè, wọ́n sì lè pín nínú èrè yẹn fún ẹni tó ni ṣíà. Tó bá jẹ́ bọ́ǹdù ló rà, ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan ló yá lówó yẹn, ẹni tó yáwó ló sì ń san èlé. Tó bá jẹ́ ilé, ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ló ń san owó ilé. Ẹ ó rí i pé nínú gbogbo wọn, ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó jẹ gbèsè, ọwọ́ ẹni yẹn lowó ti ń wá.

Wúrà ò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹ̀. Bíríkì wúrà tí àwọn báńkì ńlá ń tọ́jú sínú ìyàrá irin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wọ̀n tó ọ́ńsì 400, ìyẹn bíi kílò méjìlá àti ààbọ̀, ọwọ́ kan lè gbé e àmọ́ ó máa kọ́kọ́ ya èèyàn lẹ́nu bó ṣe wúwo tó. Tí wọ́n bá gbé bíríkì yẹn síbẹ̀ lónìí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n wá ṣí i lẹ́yìn ogún ọdún, bíríkì kan náà ni wọ́n máa bá níbẹ̀, kò ní dípẹtà, kò ní dín, kò sì ní fi gíráàmù kan lé. Ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí àwọn kan ò fi fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀.

Ká sòótọ́ ṣá, ó tiẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n máa san owó ìyàrá, owó ẹ̀ṣọ́ àti owó ìbánigbófò. Ibi téèyàn ti lè fi ojú ara ẹ̀ rí i ni fọ́ọ̀ndì tí wọ́n ń pè ní GLD ní ọjà ṣíà Amẹ́ríkà. Ńṣe ni fọ́ọ̀ndì yẹn ń kó wúrà gidi pa mọ́, tí àwọn èèyàn á wá máa ra ṣíà nínú ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ṣíà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ́ńsì. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà jẹ́ 0.40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí wúrà ò mú owó kankan wọlé, níbo ni wọ́n á ti rí owó iṣẹ́ yẹn? Wọ́n ń gé nínú wúrà yẹn gan-an tà ni. Nítorí náà ẹni tó bá ra ṣíà tó dúró fún ọgọ́rùn-ún ọ́ńsì nígbà yẹn, tí ò sì fọwọ́ kàn án, kò ní ju bíi ọ́ńsì 92 lọ mọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Owó ọ́ńsì kọ̀ọ̀kan ti gòkè gan-an lóòótọ́ láàrin ìgbà yẹn, àmọ́ iye ọ́ńsì ọwọ́ ẹ̀ ti dín kù.

Tí ò bá sanwó, kí ló wá ń pinnu iye owó ẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ kan, èèyàn lè jókòó kó ṣírò èrè tó máa pa lọ́dún mẹ́wàá sí i kó fi mọ iye tó yẹ kí ṣíà ẹ̀ jẹ́. Wúrà ò ní irú ìṣirò yẹn torí kò sí èrè tá a fẹ́ ṣírò. Iye tí ẹlòmíì bá gbà láti rà á lọ́la ló kù. Ohun tó sì máa ń jẹ́ kí ẹlòmíì fẹ́ rà á tàbí kó má fẹ́ ni ohun tó ń pàdánù tó bá gbé owó ẹ̀ sínú wúrà dípò ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ní 10,000 dọ́là. Ká ní bọ́ǹdù ìjọba Amẹ́ríkà ọlọ́dún kan ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ra bọ́ǹdù yẹn, lópin ọdún 10,500 ló máa gbà. Tó bá gba ọ̀nà fọ́ọ̀ndì ra wúrà, kò sẹ́ni tó máa san kọ́bọ̀ fún un, wọ́n á tún gé bíi ogójì dọ́là fún owó iṣẹ́. Ìyẹn ni pé kí wúrà àti bọ́ǹdù tó lè bá ara wọn dọ́gba, owó wúrà gbọ́dọ̀ gòkè ní 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yẹn, ohun tó bá sì kéré sí ìyẹn, ẹni tó ra bọ́ǹdù ló ṣe dáadáa jù.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán níbẹ̀ o, torí ọ̀wọ́ngógó wà ńbẹ̀. Tí ọjà bá ń fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i lọ́dún, ẹni tó gba márùn-ún lórí bọ́ǹdù ṣì ní mẹ́ta tó kù fún un lóòótọ́. Mẹ́ta yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní èlé gidi, ìyẹn èlé téèyàn ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú ẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹni tó ń gba márùn-ún ti ń fi mẹ́ta ṣòfò láìmọ̀, owó ẹ̀ ń pọ̀ lórí ìwé, ohun tó lè fi rà ń dín kù. Lásìkò bẹ́ẹ̀, pé wúrà ò sanwó ò ka nǹkan kan mọ́, torí ohun tí wọ́n ń san níbòmíràn náà ò tó nǹkan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé láti ọdún pípẹ́, tí èlé gidi bá já, wúrà máa ń gòkè, tí èlé gidi bá gòkè, wúrà máa ń já.

Lọ́dún 2013 fún àpẹẹrẹ, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn máa dín owó tí àwọn ń tú sí ọjà kù ni, wọn ò tíì dín in o, èlé bọ́ǹdù gòkè, wúrà sì pàdánù bíi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yẹn. Kò sí ibi ìwakùsà tó ṣubú, kò sí wúrà tuntun tí wọ́n ṣàdédé rí.

Dọ́là náà wà nínú ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi ń pe owó wúrà, tí dọ́là bá rẹ̀ sílẹ̀, ó máa rọrùn fún àwọn tó ń ná owó míì láti rà á, wọ́n á sì rà á sí i. Ibi ìwakùsà ńkọ́? Èyí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu, pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Wúrà tí aráyé ti wà jáde látìgbà ìwáṣẹ̀ ju 210,000 tọ́ọ̀nù lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà láyé, lọ́rùn, lọ́wọ́, ní báńkì, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ tán. Èyí tí wọ́n ń wà jáde lọ́dún ò ju bíi 3,600 tọ́ọ̀nù lọ, ìyẹn ò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà nílẹ̀. Nítorí náà bí ibi ìwakùsà kan bá tilẹ̀ fi oṣù mẹ́ta ti ilẹ̀kùn, kò sí ohun tó máa ṣe ọjà. Ohun tó ń mi ọjà wúrà ni bóyá àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ fẹ́ tà á tàbí wọ́n fẹ́ dì í mú.

Ṣé òótọ́ ni pé wúrà máa ń bá ọ̀wọ́ngógó dọ́gba?

Ó sinmi lórí iye ọdún téèyàn ní lọ́wọ́ láti fi dúró, àti ọjọ́ tó rà á. Kí n mú ọ̀ràn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Láti ọdún 1934, 35 dọ́là ni ìjọba Amẹ́ríkà fi so ọ́ńsì wúrà kan mọ́ dọ́là, àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè sì lè kó dọ́là wá gba wúrà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon ní ó tó, àwọn ò pààrọ̀ ẹ̀ mọ́. Okùn já. Ọ̀wọ́ngógó bo Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1980, epo rọ̀bì wọ́n, èlé tí báńkì ń san ò tó ohun tí ọ̀wọ́ngógó ń jẹ lọ, àwọn èèyàn sì ya bo wúrà. Nígbà tó máa fi di oṣù Kínní ọdún 1980, ọ́ńsì kan ti di 850 dọ́là.

Ẹni tó rà á lọ́jọ́ yẹn ò mọ̀ pé òpin ẹ̀ nìyẹn. Paul Volcker, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, gbé èlé lọ sókè títí tó fi sún mọ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún kó lè fọ́ ọ̀wọ́ngógó lórí, ó sì fọ́ ọ lóòótọ́. Ní kété tí bọ́ǹdù àti báńkì ti ń san owó gidi, kí lèèyàn tún fẹ́ fi irin tí kì í sanwó ṣe? Kò tó ọdún mẹ́ta tí wúrà fi rọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 300 dọ́là, ó sì ń rọra rìn nílẹ̀ báyẹn títí di ọdún 1999, tó fi ń tà ní bíi 250.

Oṣù Kínní ọdún 2008 ni ẹni yẹn tó tún rí 850 ẹ̀ padà. Ọdún 28! Èyí tó tún dunni jù ni pé 850 ti ọdún 2008 kì í ṣe 850 ti 1980. Tá a bá fi ọ̀wọ́ngógó Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀, nǹkan tí 850 dọ́là ń rà ní 1980, ó máa tó bíi 2,300 dọ́là kó tó rà á ní 2008. Ìyẹn ni pé ó ti pàdánù ju ìdajì lọ dáadáa, kò sì gba kọ́bọ̀ èlé kan ní gbogbo ọdún yẹn. Ọdún 2025 ni wúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá góńgó 1980 yẹn téèyàn bá ka ọ̀wọ́ngógó mọ́ ọn.

Àmọ́ ẹni tó rà á ní 1999 ní 250 ńkọ́? Tiẹ̀ ti lé ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún nígbà tí wúrà kọjá 4,000. Wúrà kan náà ni o, ọjọ́ tí kálukú rà á ló yàtọ̀. Ẹni tó ní ṣíà tàbí ilé lè máa gba owó díẹ̀díẹ̀ bọ̀ bí ọjà bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ní wúrà ò ní ohun tó máa fi tu ara ẹ̀ nínú títí ọjọ́ tó bá tà á.

Kí ló wá yí padà lẹ́yìn ọdún 2022?

Ohun tó ń da àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an láàmú nìyí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022, Amẹ́ríkà gbé èlé láti ibi tó sún mọ́ òdo lọ sí òkè márùn-ún láàrin ọdún kan àti díẹ̀. Bá a bá tẹ̀ lé òfin tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí wúrà fọ́ túútúú ni. Ó já lóòótọ́, ó dé bíi 1,630 nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, àmọ́ ó gbéra padà, nígbà tó máa fi di òpin 2023 ó ti kọjá 2,000, tí èlé sì ṣì wà lókè níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Yukréènì lóṣù Kejì ọdún 2022. Amẹ́ríkà, Yúróòpù àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn ti owó báńkì àpapọ̀ Rọ́ṣíà pa, bíi 300 bílíọ̀nù dọ́là tó wà nínú bọ́ǹdù àti àkáǹtì nílẹ̀ òkèèrè. Owó ọ̀hún ṣì wà, orúkọ wọn ṣì wà lára ẹ̀, àmọ́ wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn báńkì àpapọ̀ míì ń wò. Bọ́ǹdù ń san èlé nítorí pé ẹnì kan jẹ ọ́ ní gbèsè, ẹni yẹn náà ló sì lè sọ lọ́jọ́ kan pé òun ò san án. Wúrà tó wà nínú ìyàrá irin lórílẹ̀-èdè ẹni ò jẹ́ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé ra ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 2022, wọ́n tún rà ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún ní 2023 àti 2024, bíi ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n máa ń rà lọ́dún ní ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú. Irú oníbàárà báyìí ò wá èlé wá, ààbò ló ń wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé èlé tó gòkè ò lé wọn sá. Àwọn kan ní ọjà ti yí padà pátápátá, àwọn kan ní rárá, pé ìgbà tí àwọn báńkì yìí bá rà tó, òfin àtijọ́ á padà. Èmi ò rí ẹ̀rí tó lè parí àríyànjiyàn yẹn báyìí.

Epo rọ̀bì, àgbàdo àti kọ́pà ńkọ́, ṣé bákan náà ni?

Wọn ò san èlé náà, àmọ́ ìjàǹbá tiwọn tún yàtọ̀. Wúrà kéré, owó ẹ̀ pọ̀, èèyàn lè tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Ta ló fẹ́ tọ́jú ẹgbẹ̀rún bárélì epo? Nítorí náà àwọn olùdókòwò kì í ra epo gangan, àdéhùn ni wọ́n ń rà, pé lóṣù báyìí àwọn máa gba iye bárélì báyìí ní iye báyìí. Kí oṣù yẹn tó pé, wọ́n á ta àdéhùn yẹn, wọ́n á ra ti oṣù tó ń bọ̀, kí ọkọ̀ epo má baà já sí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí owó ti ń sọnù nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ká ní àdéhùn oṣù yìí jẹ́ 20 dọ́là lórí bárélì kan, ti oṣù tó ń bọ̀ sì jẹ́ 25, torí pé owó àyè ìtọ́jú epo wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ta 1,000 bárélì gba 20,000 dọ́là, àmọ́ bárélì 800 péré ló lè fi rà nínú ti oṣù tó ń bọ̀. Tó bá di oṣù yẹn tí epo ṣì wà ní 20, owó ẹ̀ ti di 16,000. Wọ́n á máa sọ lórí rédíò pé owó epo ò yí padà, òun sì ti pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni gbogbo ayé rí i kedere. Àrùn kòrónà ti dá ọkọ̀ àti bàálù dúró, kò sẹ́ni tó ń lo epo, àdéhùn oṣù Karùn-ún sì máa parí lọ́jọ́ kejì. Ìlú Cushing ní Oklahoma ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gba epo inú àdéhùn yẹn, àmọ́ àwọn táǹkì ibẹ̀ tí ò tíì kún, ẹlòmíì ti sanwó gba àyè ibẹ̀. Àwọn tí ò ní ibi tí wọ́n máa gbé epo sí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹnikẹ́ni kó bá àwọn gbà á. Ní ìparí ọjọ́ yẹn, owó bárélì kan ti di 37.63 dọ́là ní ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn ni pé ẹni tó ní àdéhùn kan, bárélì 1,000, ní láti fi 37,630 dọ́là kún un kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Irú ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ sí bíríkì wúrà.

Kí làwọn tó ń jiyàn ń sọ gan-an?

Warren Buffett, gbajúgbajà olùdókòwò ará Amẹ́ríkà nì, ló ti gbé ti àwọn tí ò gba ti wúrà kalẹ̀ jù, nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn tó ní ṣíà nínú ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012. Ó ní tí wọ́n bá yọ́ gbogbo wúrà ayé pọ̀, á di àpótí onígun mẹ́rin kan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 68. Owó àpótí yẹn nígbà náà lè ra gbogbo ilẹ̀ oko Amẹ́ríkà, kó tún ra ilé-iṣẹ́ epo Exxon Mobil mẹ́rìndínlógún. Ilẹ̀ oko á máa so èso lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ epo á máa pín èrè, àpótí wúrà á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Àwọn tó wà ní apá kejì ò jiyàn pé ó jókòó síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ lè wọko gbèsè, ìjọba lè tẹ owó títí tí bọ́ǹdù fi máa di ìwé lásán, pé àwọn ò fi gbogbo owó àwọn sínú wúrà, àwọn kan fi díẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan tó ń sanwó bá jọ ń ṣubú ni. Ìdíwọ̀n ni wọ́n ń jà lé lórí jù, bóyá kéèyàn ní díẹ̀ tàbí kó má ní rárá, kì í ṣe bóyá wúrà máa ń sanwó.

Ẹni tó ní òun ń san èrè oṣooṣù lórí wúrà ńkọ́?

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ìgbà tí wúrà bá ń gòkè ni wọ́n máa ń yọjú. Wọ́n á ní kéèyàn mú owó wá, pé wúrà làwọn fi ń rà, pé àwọn á máa san mẹ́ta tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ọ̀nà kan wà tí wúrà fi lè mú owó wọlé lóòótọ́: àwọn báńkì ńlá máa ń yá wúrà fún ara wọn àti fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó yá a á sì san èlé. Àmọ́ èlé yẹn kéré gan-an lọ́pọ̀ ìgbà, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, àti pé nígbà tó ti kúrò nínú ìyàrá irin, ó ti di gbèsè nìyẹn, ẹni tó yá a lè má dá a padà.

Nítorí náà tí ẹnì kan bá ṣèlérí owó oṣooṣù, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi í ni pé ta ló ń san án, torí kì í ṣe wúrà. Bóyá ó ń fi owó yẹn ta tẹ́tẹ́ lórí ìgòkè ìsọ̀kalẹ̀ owó wúrà, bóyá owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló fi ń san ti àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ìbéèrè kejì ni nọ́ńbà bíríkì. Gbogbo bíríkì tí wọ́n ń gbà ní ọjà Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó yọ́ ọ, bó ṣe mọ́ tó àti ọdún tí wọ́n ṣe é, gbogbo ẹ̀ ló wà lára irin yẹn. Fọ́ọ̀ndì bíi GLD máa ń gbé àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn síta kí gbogbo èèyàn lè rí i, bíríkì kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní wúrà lóòótọ́ máa ní àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́, kò sì ní ṣòro fún un láti fi hàn.